Sẹsitínà: bí a ṣe ń yan ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí yóò gbé ẹ̀dùn ọkàn

Òǹkà ni ó máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù ba ẹni tí ó bá fẹ́ kọ sẹsitínà. Ewì onílà 39 ni. Ẹsẹ mẹ́fà ni ó ní, ìlà mẹ́fà ni ó sì wà nínú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni ìlà mẹ́ta yóò kádìí rẹ̀. Kò pọn dandan kí ó ní ìró kan náà ní ìparí ìlà, bí ọ̀pọ̀ ewì àwọn aláwọ̀ funfun ti máa ń ní. Ohun tí ó dè é pọ̀ ni ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré: àwọn ọ̀rọ̀ tí ó parí ìlà mẹ́fà àkọ́kọ́ ni yóò máa parí ìlà nínú gbogbo ẹsẹ yòókù, tí ipò wọn yóò sì máa yí padà láti ẹsẹ dé ẹsẹ. Arnaut Daniel, akéwì kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé ní ìparí sẹ́ńtúrì kejìlá, ni a mọ̀ pé ó kọ èyí tí ó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tí ó wà lọ́wọ́ wa. Dante, ará Ítálì, tẹ̀lé ìlànà rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn ni ó sì ti tàn kálẹ̀.

Òǹkà yìí kò le tó bí ó ṣe rí lójú. Bí ẹ bá ti parí ẹsẹ kan, ẹ mú ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀, kí ẹ fi parí ìlà kìíní ẹsẹ tí ó kàn. Ẹ lọ sí òkè, kí ẹ mú ọ̀rọ̀ kìíní, kí ẹ fi parí ìlà kejì. Ẹ padà sí ìsàlẹ̀, kí ẹ mú èyí tí ó kángun sí ìkẹyìn. Ẹ tún lọ sí òkè, kí ẹ mú ìkejì. Báyìí ni ẹ ó máa ṣe é, ìsàlẹ̀ àti òkè, títí ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò fi tán. Tí a bá fi nọ́ńbà dúró fún àwọn ọ̀rọ̀ náà, bí ẹsẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò ṣe rí nìyí:

1 2 3 4 5 6
6 1 5 2 4 3
3 6 4 1 2 5
5 3 2 6 1 4
4 5 1 3 6 2
2 4 6 5 3 1

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sí etí ọ̀tún ìwé kí ẹ tó kọ ìlà kan ṣoṣo, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jókòó sí ipò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré nínú ẹsẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ kan tí ó wà ní ìlà kẹta lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ti ṣì í pín níbì kan.

Òǹkà tán nìyẹn. Iṣẹ́ gan-an wà nínú yíyan àwọn ọ̀rọ̀ náà, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń rí i tí àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń kọ ewì níhìn-ín ní Kábà ń kọsẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Bùnú, fẹ́ kọ sẹsitínà nípa ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ ahunṣọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí ó kọ́kọ́ mú wá ni ìfẹ́, ìbànújẹ́, ikú, ọkàn, omijé àti ìrètí. Mo mọ ìdí tí ó fi mú wọn: ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó dárúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa dé ẹsẹ kẹta, ewì náà ti dúró sójú kan. Ó ti ní ìbànújẹ́ bá òun, ó ti ní ìbànújẹ́ dorí òun kodò, kò sì sí ohun kẹta tí ìbànújẹ́ lè ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ orúkọ ìmọ̀lára kì í lọ síbì kankan. Bí a bá pè é lẹ́ẹ̀méje, ohun kan náà ni a sọ lẹ́ẹ̀méje, ẹni tí ń kà á yóò sì ti mọ èyí tí ó kàn kí ó tó dé ibẹ̀. Elizabeth Bishop, akéwì ọmọ Amẹ́ríkà, kọ sẹsitínà kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ́ni, nínú èyí tí ọ̀rọ̀ ìparí rẹ̀ jẹ́ ilé, ìyá àgbà, ọmọ, sítóòfù, kàlẹ́ńdà àwọn àgbẹ̀ àti omijé. Ẹ wò ó pé ohun tí a lè fọwọ́ kàn tàbí tí a lè fojú rí ni gbogbo wọn. Omijé pàápàá tí ó wà níbẹ̀, ohun tó ń kán sílẹ̀ ni ó fi ṣe.

Ìdánwò tí mo máa ń ní kí wọ́n fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbà á rọrùn. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́fà tí ó parí sí ọ̀rọ̀ náà, kí iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ọ̀kan má jọ ti èkejì. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà ṣe é. Ọkọ̀ bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Àlejò dúró sí ẹnu ọ̀nà. Mo wá owó títí, n kò rí ọ̀nà. Wọ́n ní ọmọ náà ti ṣìnà, pé ó ti sọ nù ní ọ̀nà. Oúnjẹ há a ní ọ̀fun, kò rí ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a sin àwọn àgbà dé ààrin ọ̀nà. Títì ni ọ̀nà níbìkan, ìlẹ̀kùn ni níbòmíràn, agbára láti ṣe nǹkan ni níbòmíràn sí i. Omi náà yege dáadáa, nítorí omi mímu, odò, omi ojú àti ohun tó yọ́ ni gbogbo wọn ń jẹ́ omi. Dúró jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, mo sì máa ń gbà wọ́n níyànjú pé kí ọ̀kan ó kéré tán nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, torí ẹni tí ó dúró lè máa retí, ó lè kọ̀ láti lọ, ó lè má jókòó, ó sì lè dẹ́kun ohun tí ó ń ṣe. Ẹ gbìyànjú èyí pẹ̀lú ìbànújẹ́, ẹ ó rí i pé ìkẹta yóò nira.

Èdè wa tún ní òfin tirẹ̀ tí àwọn ìwé òkèèrè lórí sẹsitínà kò lè sọ fún wa. Nínú Yorùbá, ohun tí ó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orúkọ máa ń tẹ̀ lé e: ilé mi, aṣọ pupa, ọmọ yẹn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kí ó parí ìlà yóò máa fẹ́ sún sí àárín, tí mi, yín, náà tàbí kan yóò sì gba ipò rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ méjì ni ó wà. Èkíní ni kí ẹ yan ọ̀rọ̀ tí ó máa ń jẹ́ ìkejì nínú àpólà: ojú ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà, etí aṣọ, ìkòkò omi. Irú wọn ń parí ìlà láìsí wàhálà. Èkejì, tí mo fẹ́ràn jù, ni kí ẹ gé ìlà síbi ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì ju ohun tí ó ń ṣàlàyé rẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tí ó tẹ̀ lé e. Bí ìlà bá parí sí ọwọ́, tí èyí tí ó kàn sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yín, ẹni tí ń kà á yóò dúró díẹ̀ kí ó tó mọ ọwọ́ ta ni. Nínú ewì tí ó dá lórí ẹni tí kò sí mọ́, ìdúró díẹ̀ yẹn níyelórí.

Ọ̀rọ̀ ìpajẹ náà wà níbẹ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, délé, wọlé àti nílé ni a ń wí, a kì í sọ pé a dé ilé. Èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ ọ́ jáde lódindi níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, nítorí pé etí gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa kí ó tó lè mọ̀ pé ó padà wá. Bí ó bá jẹ́ pé gbólóhùn náà yóò le gan-gan, ẹ pa á jẹ, àmọ́ kì í ṣe nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́. Ní ti àmì ohùn, àwọn tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ máa ń fi ọ̀rọ̀ tí ìró wọn bára mu, tí ìtumọ̀ wọn yàtọ̀, dápàárá. Ọ̀wọ̀ àti ọwọ́ kò bára mu létí Yorùbá bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ní gbogbo ìgbà ti fọ́ ewì rẹ̀. Mo gbà pé kí a ṣe é lẹ́ẹ̀kan, nínú ẹsẹ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ gidi ti fìdí múlẹ̀ létí olùgbọ́.

Ọmọ Bùnú yìí ju ọ̀rọ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ nù. Mo ní kí ó sọ ohun tí ó rí ní ọjọ́ tí ó kúrò nílé lọ sí Àbújá fún mi, kí ó má sọ bí ó ti rí lára rẹ̀. Ó sọ ọ́: mọ́tò ìdájí, aṣọ òfì tí ìyá rẹ̀ fún un, ife omi kan, àti ọwọ́ ìyá náà tí aró ti pa. Láti inú ìtàn yẹn ni a ti mú ọ̀nà, aṣọ, ìyá, omi, ọwọ́ àti dúró. Ẹ kíyè sí i pé ikú kò sí nínú wọn. Aṣọ ni yóò ru ikú. Àwa tí a wà ní ìwọ̀ oòrùn Kogí mọ ohun tí aṣọ jẹ́ ní Bùnú, níbi tí àwọn ọkùnrin ti máa ń hun aṣọ ipò pupa fún ìsìnkú àwọn olóyè láyé àtijọ́. Ìyá tirẹ̀ kì í ṣe olóyè, aṣọ ipò kò sì kàn án, ṣùgbọ́n kò sí ará ibẹ̀ tí yóò gbọ́ aṣọ nínú ewì nípa ìyá ahunṣọ tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí ìsìnkú. Irú ọ̀rọ̀ tí ìlú ẹni ti di ẹrù lé lórí báyìí ni kí ẹ máa wá.

Ẹsẹ kìíní rẹ̀ nìyí:

Ìdájí ni mọ́tò dé, eruku ń sọ lálá lójú ọ̀nà.
Ẹ ká a sí mẹ́rin, ẹ tì í bọ inú àpò mi, aṣọ
tí ẹ fi oṣù méjì hun. Mo ní, “Ó dàbọ̀, ìyá.”
Ẹ ò dáhùn. Ẹ bu ife kan nínú ìkòkò omi,
mo mu ún tán, mo dá ife padà, mo rí ọwọ́
yín tí aró ti pa. Awakọ̀ fun fèrè, kò lè dúró.

Kò sí ìmọ̀lára kankan tí a dárúkọ níbẹ̀. Dúró tí ó gbẹ̀yìn ni yóò parí ìlà kìíní ẹsẹ kejì, ọ̀nà ni yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọwọ́, aṣọ, omi àti ìyá:

Bí ó ti ṣí, mo bojú wẹ̀yìn, ẹ̀yin nìkan ni ẹ dúró.
Ẹ ń kéré sí i, ẹ ń kéré sí i ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.
Ẹ ò pariwo, ẹ ò sunkún, ẹ ò tilẹ̀ ju ọwọ́.
Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń mi etí aṣọ
yín. Ní Jàmátà, bí a ti gun afárá tí ó kọjá omi,
mo rántí pé n kò béèrè bí ara yín ti rí, ìyá.

Nínú ìlà tí ó gbẹ̀yìn ẹsẹ kìíní, awakọ̀ ni kò lè dúró; nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e gan-an, ìyá ni ó dúró. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, láàrin ìlà méjì tí ó sún mọ́ra, ẹni tí ń lọ àti ẹni tí ó kù ló sì wà nínú rẹ̀. Omi inú ife ti di Odò Ọya. Ìyá tí ó jẹ́ ìkíni lásán nínú ẹsẹ kìíní ti di ẹni tí ó ń pè láti ọ̀nà jíjìn, tí kò lè dá a lóhùn.

Oríkèé tí ó so ẹsẹ kan mọ́ èkejì yìí ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù lọ, nítorí pé òun ni ó yẹ kí ó sọ ipò tí ẹ ó fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ibi oríkèé nìkan ni ọ̀rọ̀ kan ti ń parí ìlà méjì tí ó tẹ̀ léra. Ẹ padà wo àwọn nọ́ńbà òkè yẹn: ìkẹfà ni ó wà ní oríkèé àkọ́kọ́, ìkẹta ní ìkejì, ìkarùn-ún ní ìkẹta, ìkẹrin ní ìkẹrin, ìkejì sì ni ó wà ní èyí tí ó kẹ́yìn, láàrin ẹsẹ karùn-ún àti ìkẹfà. Ọ̀rọ̀ kìíní kò sí ní oríkèé kankan. Òun ni ó parí ìlà tí ó ṣáájú gbogbo wọn, òun náà ni ó sì parí ìlà tí ó gbẹ̀yìn ẹsẹ kẹfà. Ìtumọ̀ èyí ni pé ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù lọ lọ́wọ́ yín yẹ kí ó wà ní ipò kejì, kí ó lè lu ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ewì ti fẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń fi í sí ipò kìíní, nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Ìdí nìyí tí aṣọ fi wà ní ìlà kejì nínú ewì yìí. Nígbà tí ọmọ náà máa padà wálé, tí wọ́n ti tẹ́ ìyá rẹ̀ sórí ẹní, ẹsẹ karùn-ún parí, ìkẹfà sì bẹ̀rẹ̀ báyìí:

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Wọ́n ti fi bò yín, aṣọ.

Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: òun ni èkejì aṣọ
tí ẹ tì bọ inú àpò mi.

Ẹsẹ kẹrin ni ó máa ń rẹni jù. Ohun tí ọ̀rọ̀ lè ṣe ní ìrọ̀rùn ti tán, ìparí kò sì tíì dé. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín bí ẹ bá rí i pé ẹ ń kọ ìlà nítorí kí ọ̀rọ̀ ìparí rẹ̀ lè rí ibi jókòó nìkan. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ yí àkókò tàbí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ padà. Ọmọ yìí fi ẹsẹ kẹrin ṣe ìpè orí fóònù, tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ń sọ̀rọ̀ láti ilé, tí omi sì wá di ohun tí ìyá náà kò lè gbé mì mọ́. Níbẹ̀ náà ni ó ti fi ọ̀wọ̀ rọ́pò ọwọ́, lẹ́ẹ̀kan péré.

Ìlà mẹ́ta ìkádìí gbọ́dọ̀ gba ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, méjì nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní àárín àti ọ̀kan ní ìparí. Ètò tí a mọ̀ jù ni ìkejì pẹ̀lú ìkarùn-ún, ìkẹrin pẹ̀lú ìkẹta, ìkẹfà pẹ̀lú ìkíní, àmọ́ àwọn akéwì kò dúró lórí ètò kan, kò sì sí ẹni tí yóò bá yín jà bí ẹ bá yí i padà. Tirẹ̀ tẹ̀ lé ètò náà:

Mo ká aṣọ náà sí mẹ́rin, kò kún ọwọ́.
Mo bu omi sí ife, mo gbé e síbi tí ẹ máa ń jókòó, ìyá.
Awakọ̀ fun fèrè. Mo ní kó dúró. Eruku ń sọ lálá lójú ọ̀nà.

Bí ẹ bá ti kọ ẹsẹ mẹ́ta, ẹ kà á sókè fún ẹni tí kò mọ ohun tí sẹsitínà jẹ́, kí ẹ sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ ní àgbọ́túngbọ́. Bí ó bá dárúkọ ìyá àti omi, kò burú. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń rojọ́ lé lórí, pé ó ti pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ náà ni kí ẹ pààrọ̀, kí ẹ sì ṣe é nígbà náà, torí pé ìlà mẹ́ta péré ni ẹ ó tún kọ. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí ewì parí, ìlà méje ni yóò tún kọ, oríkèé tí ọ̀rọ̀ náà wà yóò sì tú pẹ̀lú wọn.